Lẹ́tà tí mo kọ sí ríwáyà nípa iná ṣọ́ọ̀bù àti àláàmù ẹnu ọ̀nà

Ìyá Aláṣọ, Balógun

Ẹ kú ọjà o. Wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ni mo bá ní kí ríwáyà wá ṣe nǹkan sí tèmi. Ọ̀rọ̀ orí fóònù máa ń di àríyànjiyàn tó bá yá, nítorí náà mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún un:

"Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́. Iná orí pátákó ìta, mo fẹ́ kó máa tàn fúnra rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kó sì kú bí ilẹ̀ bá mọ́. Iná yàrá ẹ̀yìn tí a ń kó aṣọ sí, kó tàn bí èèyàn bá wọlé, kó pa ara rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni ò bá mira níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Àláàmù ní tirẹ̀, bí wọ́n bá ká ilẹ̀kùn irin sókè lẹ́yìn tí mo ti tì í, kó ké. Bí Nẹ́pà bá mú iná lọ, kó ṣì lè ké. Bí wọ́n bá gé wáyà ẹnu ọ̀nà, kó ké. Ẹ kọ owó ọjà lọ́tọ̀, owó iṣẹ́ lọ́tọ̀."

Yàrá ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ dá a dúró. Ó tú súíìṣì, ó ní láìfù àti wáyà tó ń lọ síbi gílóòbù nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí níútírà tí sẹ́nsọ̀ tó máa tan iná náà fúnra rẹ̀ nílò. Irú sẹ́nsọ̀ tí kò nílò níútírà wà, àmọ́ ó ní ó máa ń jẹ́ kí gílóòbù LED máa ràn bàìbàì nígbà tó yẹ kó kú. Ó wá gbé sẹ́nsọ̀ lọ sókè àjà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gílóòbù, níbi tí níútírà wà. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Oníbàtà, Yábà

Iná ìta yẹn, ẹ má ra fòtósẹ́ẹ̀lì tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ mọ ìgbà tó máa tan iná o, ayédèrú ló pọ̀ nínú ẹ̀. Tèmi ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn, ó ń kú títí ilẹ̀ fi mọ́. Táímà ni kí ẹ rà.

Ríwáyà Múṣin

Àbúrò, ojú fòtósẹ́ẹ̀lì yín ló kọjú sí gílóòbù. Iná tàn, ó rò pé ojúmọ́ ti mọ́, ó pa á. Òkùnkùn ṣú, ó tún tàn án. Ẹ yí ojú rẹ̀ sí ojú ọ̀run, kí ìmọ́lẹ̀ pátákó má kàn án. Táímà oníyíyí tí kò ní bátìrì nínú máa ń dúró nígbà tí Nẹ́pà bá mú iná. Bí iná bá lọ fún wákàtí 3, agogo rẹ̀ á fi wákàtí 3 sẹ́yìn. Èyí tó ní bátìrì ò burú.

Ìyá wa, ilẹ̀kùn irin yẹn ni kí ẹ bi í léèrè dáadáa. Oníbàárà mi kan ní Múṣin lo mágnẹ́ẹ̀tì funfun kékeré tó ń jẹ́ kí àláàmù mọ̀ pé ilẹ̀kùn ti ṣí, èyí tí wọ́n ń fi sí ilẹ̀kùn onígi. Irin máa ń jẹ agbára mágnẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn náà sì máa ń mì nínú ojú irin rẹ̀ bí atẹ́gùn bá fẹ́. Lóru, àláàmù ń pariwo, kò sí olè kankan. Mo yọ ọ́, mo fi èyí tó nípọn tí wọ́n ń fi bóòtù dè mọ́ ilẹ̀, ó bọ́ sípò.

Ti wáyà gígé, ẹ dán an wò lójú ara yín. Ẹ tan àláàmù, kí ó tú wáyà ẹnu ọ̀nà kan kúrò níbi tí wọ́n so ó mọ́. Bí kò bá ké, kò so ó bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà kí ó pa iná Nẹ́pà, kí ẹ ká ilẹ̀kùn sókè. Bátìrì 12V tó jẹ́ 7Ah, bí àláàmù bá ń jẹ 0.1A nígbà tó wà jẹ́ẹ́, lórí ìwé á tó wákàtí 70. Bí bátìrì náà bá ti gbó, kò ní tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ṣúúrùlérè

Ṣé pé àláàmù ń ké láìnídìí lẹ ń wí? Tèmi nílé, ọmọọ́lé ló ń rìn lójú sẹ́nsọ̀. Mo fi ìgbálẹ̀ lé e, ó tún padà wá.

Ìyá Aláṣọ, Balógun

Bàbá, tiyín yàtọ̀, ẹ̀rín pa mí ṣá. Ríwáyà, ẹ ṣé. Èyí tó kù ni pé ọ̀rẹ́ mi kan ní olè lè gba orí páànù wọlé láì fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Ẹni tí mo pè ní kí n fi sẹ́nsọ̀ kan sínú kó máa ké bí nǹkan bá mira, àmọ́ eku pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ríwáyà Múṣin

Àwọn sẹ́nsọ̀ kan wà tí kì í ka ẹranko kékeré. Bí eku bá gun orí ìdì aṣọ tó sì sún mọ́ ọn, kò dá mi lójú pé kò ní ké. Báwo ni ìdì yín ṣe ga tó?

Ìyá Aláṣọ, Balógun

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà.