Kí la ó pe `Reconcile` inú ìwé owó lédè Yorùbá?

Akọ̀wé owó, Òkè-Fìà, Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé mi níbí ni mo ti ń bá àwọn oníṣòwò kéékèèké tọ́jú ìwé owó wọn. Àwọn kan wà n'Íbàdàn, àwọn kan wà l'Ábújá. Mo fẹ́ kọ ìwé àlàyé lédè Yorùbá fún oníbàárà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Orúkọ wo ni ká fún iṣẹ́ ìparí oṣù, níbi tí a ti ń yẹ ìwé oníṣòwò wò mọ́ ìwé báǹkì, tí QuickBooks Online, ètò tí mo fi ń kọ ìwé owó, ń pè ní `Reconcile`? Mo ti rí ẹni tó pè é ní ìlàjà, kò sì wọ̀ mí létí.

Olùkọ́ èdè, Ìkìrun

Ìlàjà kò bá a mu lóòótọ́. Àwọn tó ń jà là ń là, kò sì sí ìjà láàrin ìwé oníṣòwò àti ìwé báǹkì. Ìmúdọ́gba ni èmi dábàá. Iye méjì wà tí kò dọ́gba, ẹ mú wọn dọ́gba, iṣẹ́ parí. Ọmọ iléèwé kò ní í béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí dọ́gba ni wọ́n ń lò nínú ìṣirò láti kékeré.

Ìyá aláṣọ àdìrẹ, Ọjà Ìgbọ̀nà

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. "Ká jọ ṣírò" ni àwa ń pè é lọ́jà. Bí oníbàárà bá ti gba aṣọ àwìn lọ́wọ́ mi láti oṣù bíi mélòó kan, a ó jókòó, yóò mú tirẹ̀ wá, n ó mú tèmi wá. Ti báǹkì ni kò yé mi pé ẹnì kan ń ṣe wàhálà lé lórí. Gbogbo owó tó bá wọlé ni alẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń dé orí fóònù mi. Alẹ́ẹ̀tì yẹn náà ni ìwé mi.

Oníṣirò owó tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Ìyá wa, ti onígbèsè tí ẹ sọ yẹn jẹ́ iṣẹ́ mìíràn, àmọ́ ọ̀rọ̀ "ká jọ ṣírò" dára, mo fi pamọ́. Alẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ má gbára lé. Nẹ́tíwọ̀kì lè gbé e mì, ẹlòmíràn sì lè fi ayédèrú rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín kó gbé ọjà lọ. Ìwé tí báǹkì fúnra rẹ̀ bá tẹ̀ jáde la fi ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀gá olùkọ́, ìlàjà tí ẹ kọ̀ ni mo bá yín kọ̀. Ìmúdọ́gba ni mo ń bẹ̀rù, ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kan tí mo ṣe hàn yín. Oṣù kẹta ọdún 2024 ni, oníbàárà náà ń ta aṣọ. Ìwé tiwa sọ pé ₦612,450 ló wà ní báǹkì ní ọjọ́ 31. Ìwé báǹkì sọ pé ₦582,877.50. Ìyàtọ̀ jẹ́ ₦29,572.50.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo wò ni ọjà tí wọ́n fi POS tà ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù. Sunday Àjíǹde ni ọjọ́ náà, ìsinmi sì ni ọjọ́ kejì rẹ̀. ₦45,000 ti wọ ìwé wa, ṣùgbọ́n inú oṣù kẹrin ló tó dé báǹkì. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀, kò sì sí ohun tí a ó tún ṣe sí i. Ẹ kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó wà lọ́nà.

Lẹ́yìn náà ni owó tí báǹkì yọ tí ẹnikẹ́ni kò kọ. Tíráńsífà mẹ́fà ló ju ₦50,000 lọ, wọ́n yọ ₦53.75 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦50 jẹ́ ti báǹkì, ₦3.75 jẹ́ VAT. Owó mẹ́sàn-án tó wọlé sì tó ₦10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìjọba sì ń yọ ₦50 lórí irú rẹ̀ nígbà náà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦772.50, a sì kọ ọ́ sínú ìwé wa bí ìnáwó.

₦18,000 tún wọ báǹkì láìsí nínú ìwé wa. Mo fi WhatsApp béèrè lọ́wọ́ oníbàárà. Ọkọ ẹni tó ra aṣọ ló san án, orúkọ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. A kọ ọ́ sórí ọjà tó jẹ́ tirẹ̀.

Ó wá ku ₦1,800. Mo pín in sí ọ̀nà mẹ́sàn-án, ó pín géérégé. Bí ìyàtọ̀ bá pín sí mẹ́sàn-án bẹ́ẹ̀, mo máa ń kọ́kọ́ fura pé ẹnì kan yí nọ́ńbà méjì padà nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́. Mo wo ìnáwó oṣù náà: ₦27,500 tí wọ́n san fún aláró ni wọ́n kọ ní ₦25,700. A tún un ṣe, ìwé wa di ₦627,877.50. Ti báǹkì pẹ̀lú ₦45,000 tó wà lọ́nà náà jẹ́ iye kan náà.

Ẹ wá wò ó. Báǹkì àti ìwé kò dọ́gba títí a fi parí, ohun tó ya wọ́n la mọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbọ́ ìmúdọ́gba yóò rò pé òdo tó máa hàn níwájú `Difference` ni iṣẹ́ náà. QuickBooks sì fún un ní bọ́tìnì kan, `Add adjustment and finish`, tó máa fi ìyókù pamọ́ sínú `Reconciliation Discrepancies`. Òdo yóò hàn, ṣùgbọ́n owó aláró ò ní í tọ̀nà, ₦18,000 kò sì ní í ní orúkọ. Mo ti gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ bọ́tìnì yẹn ní oṣooṣù. Ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò báyìí nínú ìwé oníbàárà tuntun. Nítorí náà ìfìwéwé ni mo dábàá: a fi ìwé wé ìwé.

Olùkọ́ èdè, Ìkìrun

Àlàyé yín wọ̀ mí lára, Bàbá, mo sì fi ìmúdọ́gba sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfìwéwé sún mọ́ ìfiwéra jù. Lórí ìkànnì tí ènìyàn kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀, ta ni yóò mọ̀ pé ìwé wà nínú rẹ̀? "Àyẹ̀wò ìwé báǹkì" gùn díẹ̀, ó sì yé ẹni gbogbo.

Oníṣirò owó tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Àyẹ̀wò ìwé báǹkì lè jẹ́ ohun tí báǹkì ń ṣe fún ara rẹ̀. Ìwé méjì gbọ́dọ̀ hàn nínú orúkọ náà. Mo dúró lórí tèmi.

Akọ̀wé owó, Òkè-Fìà, Òṣogbo

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ibi tó ń dùn mí jù ni oṣù àkọ́kọ́. Oníbàárà kan bẹ̀rẹ̀ ní January, mo fi iye tó wà nínú báǹkì rẹ̀ lọ́jọ́ tó pè mí, 9 January, ṣe ìbẹ̀rẹ̀, mo sì kó gbogbo ti January wọlé láti inú fáìlì CSV báǹkì. Láti ìgbà náà, ìwé rẹ̀ kò bára mu.

Oníṣirò owó tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Ọjọ́ yẹn ni ìṣòro. Ọjà 1 sí 8 January ti wà nínú iye tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ sì tún kó wọn wọlé láti inú fáìlì CSV, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wọ ìwé. Iye tí ìwé báǹkì fi parí 31 December ni kí ẹ fi ṣe àṣẹ́kù ìbẹ̀rẹ̀, kí gbogbo ohun tó kù wọlé láti 1 January. Gba ìwé báǹkì December náà lódidi, má gba àwòrán ojú fóònù, má sì gba PIN tàbí OTP lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. QuickBooks yóò gbé àṣẹ́kù náà sí `Opening Balance Equity`. Kì í ṣe ibẹ̀ ni yóò máa gbé. Bí ẹ bá ti mọ èyí tó jẹ́ owó tí oníṣòwò fi bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ èrè ọdún àtẹ̀yìnwá, ẹ kó o lọ síbi tó yẹ.

Ìyá aláṣọ àdìrẹ, Ọjà Ìgbọ̀nà

Àṣẹ́kù yé mi ju ìfìwéwé lọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí bá fẹ́ gba tèmi, báǹkì méjì ni mo ń lò, mo sì máa ń gbé owó láti ìkan sí ìkejì. Ọjà ni yóò kà á sí àbí ìnáwó?

Oníṣirò owó tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Kò kà á sí ìkankan nínú méjèèjì, Ìyá. `Transfer` ni yóò fi í sí, ìwé báǹkì méjèèjì ni ẹ ó sì fún un.