Ìpolówó iṣẹ́ àbúrò mi lórí Fiverr: kí ló yẹ kó tún ṣe?

Ọmọ Òkè-Fìà (Kọ́fẹ́ńtìrì): Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Àbúrò mi obìnrin wà nílé, ní Òkè-Baálẹ̀. Ó mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ó sì ń fi kọ̀ǹpútà ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń tẹ aṣọ. Ó ti ṣí àkáǹtì sí Fiverr, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ràn án níṣẹ́. Àkọlé tó kọ ni `I will do beautiful graphics design for you`. Ohun kan náà ló kọ sí ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí oníbàárà lè yàn, Basic, Standard àti Premium, iye owó nìkan ló yàtọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló kù?

Ìyá Ìbejì (Dọ́blìn): Ọmọ mi, ṣọ́ra o. Tó o bá wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú ọba, òfin kò gbà kó o máa ṣe iṣẹ́ ara ẹni, ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà sì wà níbẹ̀.

Ọmọ Òkè-Fìà: Ẹ ṣé, Mọ̀mí. Èmi kọ́ ni mo fẹ́ ṣe é, àbúrò mi ni, Òṣogbo ló wà. Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí àkáǹtì náà.

Ọmọ Ọjà Ọba (Tòròńtò): Ọ̀rọ̀ tí oníbàárà ń wá ni kò sí níbẹ̀. Kó kọ `seamless pattern` sínú àlàyé rẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá, kó sì fi gbogbo ìpele sí $5. Á gòkè kíá.

Bọ̀dá Ayàwòrán (Họ́sítìn): Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ìṣàwárí, àbúrò, ṣùgbọ́n ìgbà mẹ́wàá ti pọ̀ jù. Ojú ẹni tó ń kà á á sú, Fiverr alára kò sì fẹ́ ká máa da ọ̀rọ̀ kan náà bolẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kó wà nínú àkọlé, kó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àlàyé, kó sì wà nínú táàgì. Ó tó.

Bí mo ṣe ń wá ọ̀rọ̀ náà rèé. Mo máa ń tẹ `pattern` sí ibi ìṣàwárí láìtẹ Enter, kí n lè rí ohun tí Fiverr fúnra rẹ̀ ń parí rẹ̀ sí. Ohun tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, mo máa ń wo iye àwọn tó ń tà á. `graphics design` kún fún àwọn tó ti ní àìmọye ìràwọ̀, kò sí bí ẹni tuntun ṣe máa yọ níbẹ̀. Èyí tó gùn díẹ̀ ló dára, irú bíi:

```
I will design a seamless african print pattern for fabric
```

Àkọlé kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 80 lọ, èyí kò tíì tó 60. Mi ò fi àdìrẹ síbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ oníbàárà òyìnbó kò mọ orúkọ náà. Táàgì ni kó fi sí: `african print`, `seamless pattern`, `textile design`, `fabric pattern`, `adire`. Márùn-ún náà ni wọ́n gbà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ rèé: inú àkọlé àkọ́kọ́ ni líǹkì ti ń jáde, bó bá sì tún àkọlé ṣe lónìí, líǹkì àtijọ́ kò ní yí padà. Níwọ̀n bí kò ti tíì sẹ́ni tó rà á, kó pa ti àtijọ́ rẹ́, kó ṣe tuntun.

Ọmọ Òkè-Fìà: Àwọn ìpele wá ńkọ́, bọ̀dá?

Bọ̀dá Ayàwòrán: Kó jẹ́ pé ohun tí èèyàn lè kà ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Kó má kọ "ó dára" àti "ó dára jù". Ní Basic, àwòrán kan, fáìlì PNG, àtúnṣe méjì, ọjọ́ 3, $15. Ní Standard, àwòrán mẹ́ta tó bára wọn mu, ọjọ́ 5, $40. Ní Premium, mẹ́fà, pẹ̀lú fáìlì tí oníbàárà lè ṣí kó sì yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ọjọ́ 9, $75. Kó sọ níbẹ̀ bóyá oníbàárà lè tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ títà, torí ohun tí oníṣòwò aṣọ máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn. Fiverr máa yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà $32 ló máa kù nínú $40. Bó bá fi $5 sí i, $4 ló máa rí fún àwòrán Olókun tó lè gba odidi ọjọ́ kan. Yóò sú u.

Ọmọ Ọjà Ọba: Ṣùgbọ́n $5 lèmi fi bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ sì wọlé.

Bọ̀dá Ayàwòrán: Mi ò jiyàn. Iṣẹ́ kékeré bíi yíyọ ẹ̀yìn fọ́tò lè gbà á. Àwòrán aṣọ kò gbà á.

Lẹ́yìn náà, kó máa wo nọ́ńbà rẹ̀. Bí `impressions`, ìyẹn iye ìgbà tí ìpolówó rẹ̀ hàn sí àwọn èèyàn, bá kéré, ọ̀rọ̀ ìṣàwárí tàbí ẹ̀ka tó wà ni kò dáa. Bí wọ́n bá ń rí i tí wọn kì í tẹ̀ ẹ́, kó yí fọ́tò iwájú padà. Kó ya àwòrán rẹ̀ sára aṣọ gan-an. Bí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ tí wọn kì í rà, ìpele ni kò yé wọn.

Ìyá Ìbejì: Ẹni tó bá ń tún un ṣe lójoojúmọ́ ńkọ́? Wọ́n ní ó máa ń fà á sẹ́yìn.

Ọmọ Ọjà Ọba: Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀ o. Mo tún tèmi ṣe, ó gòkè sí i.

Bọ̀dá Ayàwòrán: Tèmi wálẹ̀ nígbà tí mo yí táàgì padà, mi ò sì lè búra pé òun ló fà á. Èyí ó wù kó jẹ́, kó yí ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kó fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì kó tó fọwọ́ kan òmíràn.

Ọmọ Òkè-Fìà: Mo ti fi ránṣẹ́ sí i. Ó ń béèrè bóyá kó fi `ankara` rọ́pò `fabric pattern`.

Bọ̀dá Ayàwòrán: Kó tẹ méjèèjì sí ibi ìṣàwárí, kó fi ohun tó rí ránṣẹ́ sí wa níbí.