Ojú ìwé 92, ìṣẹ́jú 10: báwo lẹ ṣe gé tiyín?

Morẹ́nikẹ́
Ẹ̀yin ará, ìrírí mi rèé lórí bí mo ṣe sọ ìwé pírójẹ́ẹ̀tì ojú ìwé 92 di ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 10 fún dìfẹ́ǹsì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ tiyín náà. Eérú èèpo ìrẹsì ni iṣẹ́ mi dá lé: ṣé a lè fi rọ́pò díẹ̀ nínú sìmẹ́ǹtì tí a fi ń po kọnkéré, kí kọnkéré náà sì lágbára tó?

Mi ò bẹ̀rẹ̀ látorí kìíní. Orí kẹrin, níbi tí èsì wà, ni mo kọ́kọ́ ṣí. Mo wá gbólóhùn kan tí mo lè sọ bó bá jẹ́ pé ìṣẹ́jú kan péré ni wọ́n fún mi: "Bí a bá fi eérú rọ́pò ìdá 10 nínú 100 sìmẹ́ǹtì, agbára kọnkéré náà ṣì ń ju 25 N/mm² lọ ní ọjọ́ 28. Tó bá di ìdá 15, kì í tó o mọ́." Mo kọ ọ́ sórí pépà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kọ̀ǹpútà. Gbogbo nǹkan yòókù tó wà nínú ìwé, ìbéèrè kan náà ni mo ń bi í: bí mi ò bá dárúkọ rẹ, ṣé ẹni tó ń gbọ́ mi á ṣì gba gbólóhùn yìí gbọ́? Bó bá lè gbà á gbọ́, mo yọ ọ́.

Bí ìtàn sìmẹ́ǹtì ṣe lọ nìyẹn. Bí ìtumọ̀ kọnkéré látẹnu onímọ̀ mẹ́rin ṣe lọ nìyẹn. Gbogbo àtẹ tí mo fi kọ agbára kúbù kọ̀ọ̀kan di gíráàfù kan ṣoṣo: ìlà kan fún ọjọ́ 7, òmíràn fún ọjọ́ 14, ìkẹta fún ọjọ́ 28, mo wá fa ìlà pupa kan kọjá ní ìbú níbi 25. Ẹni tó bá wò ó á rí i fúnra rẹ̀ pé ìlà ọjọ́ 28 ń wọ abẹ́ ìlà pupa láàárín ìdá 10 sí 15.

Ohun kan tó kéré nínú ìwé tóbi nínú ọ̀rọ̀ mi. Ìwọ̀n ooru tí mo fi sun èèpo náà kò ju gbólóhùn kan lọ lórí kẹta. Ṣùgbọ́n bí ooru bá pọ̀ jù, eérú náà kì í bá sìmẹ́ǹtì ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, mo sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni ẹni tó bá ń ṣiyèméjì máa gbé ẹsẹ̀ lé. Nítorí náà, mo fún un ní ìdajì ìṣẹ́jú: mi ò jẹ́ kí ooru kọjá 700°C, àwòrán ibi tí mo ti sun ún sì wà lójú sílàìdì.

Bí mo ṣe pín àkókò: ìṣòro gba ìṣẹ́jú kan, èròǹgbà gba kan, ọ̀nà tí mo gbà ṣiṣẹ́ gba méjì, èsì gba mẹ́rin, ìparí gba kan. Mi ò fi ohunkóhun sí ìkẹwàá.

Dàpọ̀
Èmi ò ro tèmi tó báyìí o. Orí márùn-ún ni ìwé ní, mo ṣe sílàìdì méjì fún orí kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú kan fún sílàìdì kan. Ó pé mẹ́wàá géérégé, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé mo fo orí kankan.

Bàbá Lábù
Dàpọ̀, ìṣẹ́jú kan fún sílàìdì kan kò burú, òdiwọ̀n tó dáa ni. Pípín in dọ́gba ni mi ò fara mọ́. Mo ti jókòó láàárín àwọn tó ń gbọ́ dìfẹ́ǹsì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí o bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú kẹfà á ti pé kí a tó rí èsì kankan, ìṣẹ́jú méjì péré ni èsì náà á sì ní. Kí alága tó kan tábìlì, akẹ́kọ̀ọ́ á ti máa sáré ka nọ́ńbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níwájú lè mọ̀ tó bá ti ń ṣẹlẹ̀: ẹ máa rí i tí àwa tá a jókòó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé yín, à ń wá àtẹ tó yẹ kẹ́ ẹ ti fi hàn wá.

Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn tèmi ṣe ni kí wọ́n kọ èròǹgbà wọn sápá òsì pépà, kí wọ́n kọ èsì tó dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan sápá ọ̀tún. Ẹ wo tí Morẹ́nikẹ́. Bó bá ní èròǹgbà mẹ́ta, ohun tó wà nínú eérú, bí kọnkéré ṣe rọ̀ tó nígbà tí wọ́n ń pò ó, àti agbára rẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ rí ìdáhùn. Gíráàfù agbára dáa, àmọ́ mi ò tíì gbọ́ ohun kan nípa bó ṣe rọ̀ sí. Eérú yẹn máa ń fa omi. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa bi í nìyẹn.

Morẹ́nikẹ́
Ẹ ṣé gan-an, sà. Òótọ́ ni, wọ́n bi mí. Mo ti fi àtẹ rẹ̀ sẹ́yìn sílàìdì ìkẹyìn, pẹ̀lú àwọn àtẹ yòókù tí mo yọ, torí náà mo kàn ṣí i.

Sàdíà
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n yọ orí kejì kúrò kí n tó lọ di ìwé mi? Alábòójútó mi ní ó ti gùn jù.

Morẹ́nikẹ́
Rárá o, Sàdíà! Ìwé yẹn máa wà bó ṣe wà. Ohun tí wàá fi ẹnu sọ là ń gé. Bó bá jẹ́ ìwé gan-an ni alábòójútó rẹ ń bá wí, bi í léèrè ibi tó fẹ́ kó o dín kù.

Kúnlé
Áàpù tó ń kọ orúkọ àwọn tó wá sí kíláàsì ni tèmi. Kóòdù àti àwòrán bí ètò náà ṣe so pọ̀ ló gba ìdajì ìwé, mo sì yọ ọ̀pọ̀ jù lọ. Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé íńtánẹ́ẹ̀tì yàrá yẹn, torí náà mo gba áàpù náà sílẹ̀ sínú fídíò tí kò tó ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀, láìsí ohùn, mo sì ń ṣàlàyé bó ṣe ń lọ: ẹnì kan wọlé, orúkọ rẹ̀ hàn, ẹlòmíì gbìyànjú láti fi orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé, áàpù kọ̀ ọ́. Ibi tó ti kọ̀ ọ́ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ mi, mo sì dúró díẹ̀ kí wọ́n rí i dáadáa.

Bísí
Ìwé ìbéèrè ni mo pín ní tèmi, mo sì ní àbá márùn-ún tí mo dán wò. Méjì nínú wọn kò fi ìyàtọ̀ kankan hàn. Ṣé mo lè yọ méjèèjì? Èkejì: Morẹ́nikẹ́ yọ iṣẹ́ àwọn aṣaájú tán pátápátá, ṣùgbọ́n ní ẹ̀ka tiwa, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè ni ìmọ̀ tí èèyàn gbé iṣẹ́ rẹ̀ kà.

Bàbá Lábù
Má yọ àbá méjì yẹn. Kó gbogbo márùn-ún sínú àtẹ kan, sọ gbólóhùn kan lórí méjì náà, kó o sì lo àkókò rẹ lórí mẹ́ta yòókù. Bó o bá fi wọ́n pa mọ́, ìwé rẹ wà lọ́wọ́ wa. Ní ti iṣẹ́ àwọn aṣaájú, lábù ni èmi ti wá, gbólóhùn kan lórí ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ láìṣe ti tó mi.

Bísí
Kò lè tó àwọn tiwa, sà. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni mo fẹ́ fún un, kí n mú un láti ara ọ̀nà tí mo gbà ṣiṣẹ́.

Dàpọ̀
Bàbá, ṣé ẹ máa ń ní kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ sọ sílẹ̀?

Bàbá Lábù
Bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n lè ka iye ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti ju nǹkan bí 1,200 lọ, kò lè wọ ìṣẹ́jú 10 fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi pépà yẹn sílé.

Kúnlé
Èmi mú tèmi lọ o, sà. Gbólóhùn àkọ́kọ́ sílàìdì kọ̀ọ̀kan nìkan ló wà lórí rẹ̀.