Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí: CLTD ni mo mú

Ìbéèrè mi: "Alábòójútó ilé ìkẹ́rùsí ni mí, mo fẹ́ di máníjà. CLTD tó jẹ́ ti ọkọ̀ àti ìkẹ́rùsí, CPIM tó jẹ́ ti ètò ìpèsè àti ọjà inú ilé, tàbí CSCP tó jẹ́ ti gbogbo ọ̀nà ìpèsè ọjà, èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?"

Ẹ ṣé o. Ẹni tó ní kí n ka ìkéde iṣẹ́ kí n tó yan ìwé-ẹ̀rí ló là mí lójú. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ìkẹ́rùsí ló pọ̀ jù nínú wọn, ni mo bá mú CLTD: ìbéèrè 150, wákàtí mẹ́ta ààbọ̀. Mo yege.

Ẹni tó ní ìdánwò méjì ni CPIM kò parọ́, àmọ́ ti tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹyọ kan ni báyìí. Ẹ̀gbọ́n tó ń sọ ti ìwé-àṣẹ fọ́kílífìtì, mo ti ní in tipẹ́, òun kọ́ là ń wá.

Ìṣirò ìgbà tó yẹ ká bèèrè ọjà tuntun ló wúlò fún mi jù. Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n ní páálí 40 ń jáde lójúmọ́, ọjọ́ 6 ni ọjà fi ń dé, páálí 80 sì wà fún ìdádúró. 40 lọ́nà 6 jẹ́ 240. Fi 80 kún un, ó di 320. Bí ọjà bá ti kù sí 320, ẹ bèèrè. Mo wá fi kún un pé bí olùpèsè bá pẹ́ dé ọjọ́ 9, páálí 360 la máa nílò, ọjà á ti tán. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ nǹkan sílẹ̀.

Wọn ò tíì dá mi lóhùn. CSCP ṣì ń wù mí, àmọ́ mi ò tíì mọ̀ bóyá ilé iṣẹ́ máa san án. Mo ti ọ̀rọ̀ yìí pa síbí.