Ẹ gbà mí o: ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn fún ẹni tí ìyá rẹ̀ kú, tí kò ní jọ ti kàlẹ́ńdà

Akọ̀wé Aróje
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn tí a máa gbé sórí Fesibúùkù àti Wásáàpù wa. Ìyá àǹtí kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló kú. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, orúkọ rẹ̀ kọ́. Ohun tí mo kọ rèé:

"Pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn ni a fi gbọ́ nípa ikú ìyá wa ọ̀wọ́n. Erin wó, àjànàkú sùn bí òkè. Òrìṣà bí ìyá kò sí. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ẹ kú ìnáwó. Ìyá rere, sùn re ní oókan àyà Olúwa. Ó dìgbà, ó dojú àlá."

Nígbà tí mo kà á tán, ojú ara mi tì mí. Bí ẹ bá yọ "ìyá" kúrò, tí ẹ fi "bàbá" sí i, òkú ẹnikẹ́ni ló lè jẹ́. Mo fẹ́ kó kúrú, kó níyì, kí ọmọ olóòkú sì mọ̀ pé ìyá òun gan-an là ń sọ.

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn o. Tiwa níbi iṣẹ́, 2,000 náírà ni kálukú ń dá, ẹni tí kò bá dá a, ẹ má kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó gba owó tiwa nígbà tí bàbá mi kú, títí dòní ni mò ń bi í léèrè ìyókù.

Akọ̀wé Aróje
Ẹ ṣé, mà. Kì í ṣe owó ni mò ń bi yín o, ọ̀rọ̀ tí a máa kọ ni.

Ọmọ Àjílété
Kò le rárá. Pa gbogbo erin àti àjànàkú yẹn rẹ́. Fi "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè" nìkan síbẹ̀, kí o fi orúkọ ilé iṣẹ́ yín sí ìsàlẹ̀. Ìkíni àwọn bàbá wa nìyẹn, kò sì gùn.

Bàbá Tíṣà
Ọmọ Àjílété, o ṣe dáadáa pé o gé e kúrú, ṣùgbọ́n dúró ná. Akọ̀wé, mo ní ìbéèrè mẹ́ta. Ọmọ ọdún mélòó ni ìyá náà? Ṣé òbí tiwọn alára ṣì wà láyé? Ṣé ẹbí ti túfọ̀?

Akọ̀wé Aróje
Ẹ ṣeun, sà. Wọn ò tíì pé 60. Ìyá tó bí wọn wà láyé, ìyá àgbà ni wọ́n, nínú agboolé ní Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n. Ní ti títúfọ̀, mi ò mọ̀. Mo ṣáà gbọ́ pé àná, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, ni wọ́n sin wọ́n. Alájà ni wọ́n.

Bàbá Tíṣà
O rí i báyìí. Àṣẹ̀yìndè ni a fi ń kí ọmọ tí òbí rẹ̀ dàgbà dọ́jọ́ kó tó lọ, tí àwọn ọmọ sì sin ín bó ṣe yẹ. Àǹfààní ló wà nínú ìkíni yẹn: ọmọ ló sin òbí, òbí kọ́ ló sin ọmọ. Níbí, ẹnìkan wà nínú ilé kan náà tó ń sunkún ọmọ rẹ̀. Bí ìyá àgbà bá gbọ́ "ẹ kú àṣẹ̀yìndè", bí ẹní bu iyọ̀ sójú egbò ni. "Ẹ kú ìnáwó" tún burú jù ú lọ, torí kò sí ẹni tó máa pe onílù síbi òkú yìí. "Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn" kò ṣìnà níbikíbi. "Ẹ kú ìrọ́jú" náà dára.

Ohun kejì: bí ẹbí ò bá tíì túfọ̀, ẹ má gbé nǹkan kan sórí Fesibúùkù. Nígbà mìíràn wọ́n á fọ̀rọ̀ náà pa mọ́ fún ìyá arúgbó fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kí wọ́n tó rọra sọ ọ́. Ọmọ-ọmọ kan tó ń fi fóònù ṣeré lè kà á síta kí àwọn àgbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ bi àbúrò Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ má bi òun fúnra rẹ̀.

Ọmọ Àjílété
Há! Mo gbà, sà. Ti bàbá àgbà wa ni mo fi wò ó.

Àlàájì Sàbó
Àti "sùn re ní oókan àyà Olúwa" fún Alájà! Àdúrà ìsìn wọn ni kí ẹ ṣe fún wọn, ẹyọ kan ti tó.

Akọ̀wé Aróje
Ẹ má bínú, sà. Àwòkọ ni, láti ara ti ọdún tó kọjá. Ṣùgbọ́n ṣé àdúrà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ náà ni?

Bàbá Tíṣà
Gbogbo ayé ló ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ń retí rẹ̀. Bí o bá yọ ọ́, wọ́n á ní o ò kí wọn. Èyí tó ń di ariwo ni kí o to oríṣi márùn-ún léra. Ọ̀rọ̀ tó kù, ohun tí ìwọ alára fojú rí lára ìyá náà ni kó jẹ́. Ṣé o mọ̀ wọ́n?

Akọ̀wé Aróje
Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, sà. Láfún ni wọ́n ń tà ní Wàzó. Mo ra kóńgò kan lọ́wọ́ wọn láìmọ̀ wọ́n. Nígbà tí wọ́n rí káàdì iṣẹ́ lọ́rùn mi, wọ́n bu èènì sí i, wọ́n tún bu òmíràn, wọ́n wá ní, "Ṣé Àbẹ̀kẹ́ máa ń jẹun ọ̀sán níbẹ̀ yẹn?"

Bàbá Tíṣà
Ohun tí o máa kọ nìyẹn. Má fi "ìyá rere" kún un, èènì yẹn ti sọ ọ́.

Akọ̀wé Aróje
Mo tún un kọ. Àbúrò rẹ̀ ní ìyá àgbà ti gbọ́ láti òwúrọ̀ àná, pé kí a gbé e jáde.

"Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wa ra láfún lọ́wọ́ Alájà ní Wàzó, èènì ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bù fún un nígbà tí wọ́n mọ̀ pé ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì bi í bóyá ẹ máa ń jẹun ọ̀sán. Kí Ọlọ́run forí jì wọ́n, kó fi Àlùjánnà ta wọ́n lọ́rẹ. Ẹ bá wa kí ìyá àgbà. Iṣẹ́ tábìlì yín wà lọ́wọ́ wa títí ẹ ó fi dé."

Àlàájì Sàbó
Ó dáa. Ẹ má fi fọ́tò sí i o.

Ìyá Ìbejì
Kí ló dé? Fọ́tò wọn nígbà tí ara wọ́n le, kí ló burú níbẹ̀? Èmi fẹ́ràn kí n rí ojú ẹni tí à ń dárò.

Àlàájì Sàbó
Ní ilé tiwa, a kì í ṣe é, mà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹbí.

Akọ̀wé Aróje
Mo gbé e jáde láìsí fọ́tò. Ọ̀gá ní kò gùn tó, ó sì bi mí ibo ni "erin wó" wà. Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ kò kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀. Alẹ́ ló pè mí, ó ní, "Kí lo wá dá wọn lóhùn?" Mo ní mo sọ pé ó ń jẹun dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Wọn ò gbà ọ́ gbọ́. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fi ọ̀kà ránṣẹ́ sí mi."