Ìtàn kékeré lórí àṣekágbá kúìsì: ìjà orúkọ kan tí ṣíṣí ìwé ò ní parí

Ọmọ Ìwé: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìtàn kékeré kan ni mò ń kọ, kò ní ju ọ̀rọ̀ 2,000 lọ. Gbọ̀ngàn kan n'Íbàdàn ni wọ́n wà, lálẹ́. Ikọ̀ méjì jọ wà ní máàkì 46, ó ku ìbéèrè kan ṣoṣo. Olùbéèrè kà á jáde: "Nínú *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀*, kí ni orúkọ ẹni tó ń sọ ìtàn?" Ikọ̀ kìíní tẹ aago, wọ́n ní "Àkàrà-Ògùn", wọ́n fún wọn ní máàkì méjì. Ni ikọ̀ kejì bá fárígá. Àwọn tó bá mi kà á ní ìjà náà ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, pé kí wọ́n ṣí ìwé, ó parí. Báwo ni mo ṣe lè tún un ṣe?

Ìyá Ìbejì: Wọ́n kàn rẹ́ ikọ̀ kejì jẹ ni. Ṣebí Olówó-Ayé ni ọdẹ náà ń jẹ́.

Bàbá Oníwèé: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Olówó-Ayé ni akọni *Igbó Olódùmarè*, èyí tó jáde ní 1949. Òun ni bàbá Àkàrà-Ògùn. Ìwé ti 1938 ni wọ́n ń béèrè níbí. Àmọ́ Ọmọ Ìwé, má sọ àṣìṣe yẹn nù o. Jẹ́ kí ẹnìkan láàárín èrò pariwo "Olówó-Ayé!" lásìkò tí gbogbo gbọ̀ngàn ń gbóná.

Ní ti ìbéèrè rẹ, ìwé náà gan-an ló dá ìjà yẹn sílẹ̀, torí "èmi" méjì ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ bá wa sọ̀rọ̀ kì í ṣe ọdẹ. Akọ̀wé kan ni, ó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀, bàbá arúgbó kan wá bá a, ó ní kó máa kọ ohun tí òun bá sọ sílẹ̀. Arúgbó yẹn ni Àkàrà-Ògùn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, "èmi" di tirẹ̀. Bó bá sì ti dákẹ́, "èmi" tún padà sọ́dọ̀ akọ̀wé, ẹni tí Fágúnwà ò fún lórúkọ. Nítorí náà, kí wọ́n ṣí ìwé ọ̀hún! Ikọ̀ kìíní á ṣí àárín, ikọ̀ kejì á ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, kálukú á sì rí ẹ̀rí tirẹ̀.

Ohun tó yẹ kóo ṣọ́ ni ọ̀rọ̀ kan péré. Bí káàdì bá ní "orúkọ *ọdẹ* tó ń sọ ìtàn", ìjà ti kú. Jẹ́ ká rí ẹni tó kọ káàdì náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, kó fo "ọdẹ" torí ó rò pé gbogbo ayé ló mọ̀. Kí o sì mẹ́nu ba akọ̀wé yẹn kí ìjà tó dé. Bó bá jẹ́ ẹnu olórí ikọ̀ kejì la ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀, òǹkàwé á ní o ti fi í pamọ́ sápò.

Tíṣà Kúìsì: Ẹ má gbàgbé ètò. Kí olùbéèrè tó ka ìbéèrè mìíràn ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ ṣàtakò, olórí ikọ̀ nìkan ló sì ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, adájọ́ á gba káàdì. Bí ìbéèrè bá ní ìtumọ̀ méjì, a ò ní pín máàkì, torí 47 sí 47 ò yan ẹnikẹ́ni. A ó fagi lé e, a ó mú káàdì ìpamọ́ jáde. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni pé wọn ò kọ ju káàdì ìpamọ́ kan lọ, wọ́n sì ti lò ó ní ìpele tó ṣáájú. Ìyẹn á há adájọ́ rẹ mọ́ ògiri dáadáa.

Ládùn: Ẹ̀yin ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Ìbéèrè ní "kí ni orúkọ". Ẹni tí kò lórúkọ ò lè jẹ́ ìdáhùn. Ikọ̀ kìíní ló gbà á.

Bàbá Oníwèé: Ó dùn létí, ìdajì rẹ̀ sì tọ̀nà. Ọmọ Ìwé, fi í sẹ́nu olórí ikọ̀ kìíní bó ṣe sọ ọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n "kò lórúkọ" máa ń jẹ́ ìdáhùn ní kúìsì, pàápàá níbi tí olùbéèrè bá ti fẹ́ dẹ páńpẹ́. Ohun tí ikọ̀ kejì gbọ́dọ̀ fi hàn ni pé páńpẹ́ ni ìbéèrè yìí, ẹni tó kọ káàdì sì mọ̀ pé òun ò dẹ ọ̀kankan.

Ìyá Ìbejì: Èmi ṣì ní Olówó-Ayé ni.

Ọmọ Ìwé: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti yọ "ọdẹ" kúrò, mo sì ti fi ẹni tó kọ káàdì jókòó sí tábìlì adájọ́, òun nìkan ló mọ̀ pé ojú kán òun. Ta ló máa gbé ife lọ ni mi ò tíì mọ̀.

Tíṣà Kúìsì: Káàdì ìpamọ́ ńkọ́? Ṣé ó ṣẹ́ kù?