“Bófin mu” tàbí “ìlú gbà”: ọ̀rọ̀ wo ló yẹ ìjọba tó ń gbowó orí?

Adéọlá:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Mò ń tú ìwé kan nípa owó orí àti ìṣèlú ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò rí jájẹ. Ọ̀rọ̀ méjì há mi lọ́fun. Àkọ́kọ́ ni ohun tó wà lára ìjọba tí ará ìlú fi ń gbà pé ó yẹ kó pàṣẹ fún àwọn. “Ìjọba tó bófin mu” ni mo kọ síbẹ̀. Èkejì ni àdéhùn tó wà láàárín sísan owó orí àti níní aṣojú. Kí la lè pè é?

Àjàní:
“Bófin mu” kò gbé e, Adéọlá. Láti 1918 ni wọ́n ti ń fi òfin gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, lọ́tọ̀ sí ti ọkọ wọn. Síbẹ̀, nígbà tí oṣù kọkànlá 1947 ń parí lọ, àwọn obìnrin tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ya bo ààfin Aké, wọ́n ní àwọn ò san mọ́. Òfin ò yí padà lọ́jọ́ náà. Ìlú ló kọ̀.

Bí mo bá ń wá ọ̀rọ̀, òdì rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wá, Yorùbá sì ti ní òdì eléyìí tipẹ́. Bí Ọ̀yọ́ Mèsì bá fẹ́ kí ọba kúrò lórí oyè, Baṣọ̀run ló ń jẹ́ ẹ fún un pé ìlú kọ̀ ọ́. Wọn kì í wá òfin tí ọba rú kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀. Tí a bá ní ọba tí ìlú kọ̀, a jẹ́ pé ọba tí ìlú gbà náà wà. Nítorí náà, “ìjọba tí ìlú gbà” ni mo fọwọ́ sí, kí orúkọ ohun náà gan-an jẹ́ “ìtẹ́wọ́gbà ìlú”.

Ní ti àdéhùn, Abẹ́òkúta náà ni kí o wò. Àwọn obìnrin ń san owó, wọn ò sì ní ẹnì kan tó jẹ́ tiwọn nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná an. Ní 1948 wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò nílùú lọ́dún yẹn, ó sì kọ̀wé fi oyè sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949. Nígbà tí wọ́n tún ìgbìmọ̀ tò, obìnrin wọlé síbẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ráńsọ̀mù-Kútì sì wà lára wọn. Owó àti ohùn ni wọ́n gbé sórí ìwọ̀n kan náà. “Àdéhùn owó àti ohùn” ni èmi á pè é.

Ọmọ Ìdànrè:
Ẹ̀gbọ́n Àjàní, ọ̀rọ̀ ò lè bá a mu, torí Yorùbá ò mọ owó orí kí òyìnbó tó dé. Ohun tí a ò ní, a ò lè ní àdéhùn lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àjèjì ni kí ó lò, kó kọ ọ́ ní àkọtọ́ wa.

Àjàní:
Owó orí gẹ́gẹ́ bí owó tí wọ́n ka orí kọ̀ọ̀kan gbà, òótọ́ lo sọ, òyìnbó ló mú un wá. Ní Ẹ̀gbá, ọdún tí wọ́n mú un dé, 1918, náà ni Ogun Adùbí bẹ́. Ṣùgbọ́n ta ní ń gba owó lẹ́nu ibodè? Oníbodè ni. Ta ní ń gba ìṣákọ́lẹ̀? Onílẹ̀ ni. Àwọn ìlú kéékèèké ń sìn, wọ́n ń gbé ìsìn lọ fún ọba ńlá. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹni tí kò fẹ́ san owó ibodè lè gba ọ̀nà mìíràn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò lè bọ́ orí rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Ìyẹn ló jẹ́ kí owó orí di ọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dáhùn tèmi. Lọ́jà wa, èèyàn mẹ́ta ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún wa láàárọ̀, rìsíìtì wọn ò jọra. Èwo ni owó orí nínú rẹ̀? Ta ni mo fẹ́ bá dá àdéhùn?

Olùkọ́ Ṣadé:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà. Ìbéèrè yín kọ́ ni Adéọlá béèrè, ṣùgbọ́n ó kàn án. Òfin 1998 to orúkọ owó tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ lè gbà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ bi ẹni tó já tíkẹ́ẹ̀tì pé orúkọ owó wo ni, àpò ìjọba wo ló ń lọ, kí ẹ sì wò ó bóyá orúkọ yẹn wà lára rìsíìtì. Níbi tí ẹni tó ń san ò ti mọ ẹni tó ń gbà, kò sẹ́ni tí ẹ lè sọ fún pé “ẹ kọ́kọ́ tún gọ́tà ṣe ná”. Ìṣòro kejì ni pé púpọ̀ nínú owó tí ìjọba ìbílẹ̀ ń ná láti Àbújá ló ti ń wá. Ìjọba tí kò fi owó yín jẹun kì í bẹ̀rù pé ẹ ò san.

Àjàní, mo ní àríyànjiyàn lórí “gbà”. Èèyàn lè gbà nítorí pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ wo Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969. Ọjọ́ pẹ́ tí iye tí ilé iṣẹ́ tó ń ra kòkó fún ìjọba ń san fún àgbẹ̀ ti kéré sí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun. Owó orí nìyẹn náà, kò kàn ní orúkọ ni. Àwọn àgbẹ̀ fara dà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Owó tí wọ́n ń kà sílẹ̀ lójúkorojú, tí àkódà ń fi ipá gbà lójú ọ̀nà oko, ni ìjà ti bẹ́. Nígbà tí wọ́n to ẹ̀dùn ọkàn wọn sílẹ̀, owó kòkó wà níbẹ̀, ọ̀nà oko wà níbẹ̀, kí wọ́n yé fi ipá gbowó náà wà níbẹ̀.

Igbe wọn ni pé òkè mẹ́fà làwọn máa san. Òkè kan jẹ́ ṣílè márùn-ún, òkè mẹ́fà sì jẹ́ ọgbọ̀n ṣílè, ìyẹn pọ́n-ùn kan àti ààbọ̀. Pọ́n-ùn méjì, òkè mẹ́jọ, ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ìdúnàádúrà gidi nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀ kí wọ́n tó dúnàá. Nítorí náà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó wà ṣáájú 1968 kì í ṣe ìtẹ́wọ́gbà. Ìfaradà ni.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ni “dá”. Bí ará àdúgbò bá fẹ́ ra ẹ̀rọ amúnáwá, wọ́n á dáwó, wọ́n á sì bi akápò léèrè. A kì í sọ pé a dá owó orí; sísan la ń san án. Ìjọba tí ìlú gbà ni èyí tí owó rẹ̀ ń súnmọ́ owó àdájọ.

Gánà fi èyí hàn. Ní oṣù kẹta 1995, ìjọba Rọ́líǹsì gbé owó orí ọjà tuntun dé, ìdá 17.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù karùn-ún, èrò tú síta ní Àkìráà, ẹ̀mí bọ́, ìjọba sì fà á sẹ́yìn. Ní oṣù kejìlá 1998, wọ́n dá a padà ní ìdá 10. Ní 2000, wọ́n sọ ọ́ di 12.5, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé ìdá 2.5 tó lé e, àpò ètò ẹ̀kọ́ ni ó ń lọ. Wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ fún ìlera lẹ́yìn náà. Ìdá tí ìlú lé jáde ń padà wọlé díẹ̀díẹ̀, nítorí wọ́n fi ojú ohun tí owó náà wà fún hàn án.

Àjàní:
Àpẹẹrẹ yẹn dára, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá dáwó àdúgbò, ẹ kò lè tì í mọ́lé. Ẹni tí kò san owó orí, ìjọba á gbé e. Tí Adéọlá bá kọ “àdájọ”, òǹkàwé á rò pé kò sí túláàsì níbẹ̀.

Olùkọ́ Ṣadé:
Túláàsì wà nínú méjèèjì. Ẹni tí kò dáwó, ta ní máa bá a sin òkú rẹ̀?

Adéọlá:
Mo dúpẹ́ o. Mo ti yọ “bófin mu” kúrò. “Ìjọba tí ìlú gbà” ni mo fi sí orí kìíní, “àdéhùn owó àti ohùn” sì dúró. Orí kẹrin dá lórí owó orí tó fara pa mọ́ sínú iye ọjà, mi ò sì tíì mọ̀ bóyá “gbà” ni kí n kọ síbẹ̀ tàbí “fara dà”.